Ìgbà mọ́kànlá tí mo tún fọ́tò Ìyá ṣe

Nígbà tí wọ́n tú bánà náà sílẹ̀ lórí tábìlì ní Lọ́kọ́jà, ọmọkùnrin tó ń bójú tó ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kò sọ nǹkan kan. Ó kàn wo ojú mi. Ìyá wà lórí bánà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti di onígun mẹ́rin wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ tí wọ́n to táìsì sí. Aṣọ pupa tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti ṣàn wọ etí gèlè rẹ̀ bí epo tó ta sórí aṣọ funfun. Ọjọ́ Wẹ́sìdeè la wà yìí, ọjọ́ Fráìdeè sì ni ìsìnkú.

Kàbà ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ṣọ́ọ̀bù fọ́tò kékeré ni, ìsìnkú ló sì ń mú owó wọlé jù fún mi: pósítà, ìwé ètò ìsìn, bánà tí wọ́n ń ta sí iwájú ilé. Ará Bùnú ni ẹbí tí mò ń sọ yìí. Fọ́tò kan ṣoṣo tó dáa ni wọ́n ní ti ìyá wọn, ọmọ ọmọ rẹ̀ ló fi fóònù yà á: ìyá jókòó sórí àga, aṣọ òkè pupa kan ni wọ́n fi kọ́ ògiri ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹni tó bá mọ Bùnú mọ̀ pé aṣọ pupa kì í ṣe ọ̀ṣọ́ lásán lọ́dọ̀ wọn. Ilẹ̀ tí wọ́n ti hun aṣọ ipò láyé àtijọ́ ni, aṣọ pupa ìsìnkú àwọn ẹni ńlá. Nítorí náà ohun àkọ́kọ́ tí ẹ̀gbọ́n àgbà tó ń ṣe kòkáárí ìsìnkú sọ fún mi nígbà tó wọlé ni pé, "Okun o. Ẹ ṣe ohunkóhun tó bá wù yín, àmọ́ kí pupa yẹn hàn dáadáa."

Fáìlì JPEG ni fọ́tò náà, píksẹ́lì 3000 ní ìbú, 4000 ní gíga, ìyẹn àwọn àmì àwọ̀ kéékèèké tó para pọ̀ di fọ́tò; ó lé díẹ̀ ní MB mẹ́rin. Fọ́tò tó kún ojú ni. Ẹ fi í sọ́kàn, nítorí mi ò rí i mọ́ títí ọ̀rọ̀ fi bàjẹ́.

Ọjọ́ kìíní, mo yọ àga ike kan tó yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kúrò. Mo sééfù, mo pa á dé, mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n lórí Wásáàpù. Wọ́n ní ó dára, ṣùgbọ́n wáyà iná wà lókè. Mi ò sí ní ṣọ́ọ̀bù nígbà tí ọ̀rọ̀ náà dé, inú mọ́tò ni mo wà tí mò ń bọ̀ láti Ìyàrá, nítorí náà mo ṣí fọ́tò tí mo fi ránṣẹ́ lórí fóònù mi, mo fi ìka nu wáyà náà kúrò, mo dá a padà fún wọn. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí ojú ìyá mọ́ díẹ̀. Mo ṣe é. Àbúrò wọn tó wà ní Àbújá ní ó ti mọ́ jù, kí n dín in kù. Mo ṣe é. Wọ́n ní kí n gé ẹ̀gbẹ́ kan kúrò. Lẹ́yìn náà orúkọ, lẹ́yìn náà àmì ohùn tí mo gbé sí ibi tí kò yẹ lórí orúkọ, lẹ́yìn náà ọdún ìbí. Ìgbà mọ́kànlá láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Èyí tí mo bá ṣe kẹ́yìn ni mo ń ṣí láti ṣe èyí tó kàn, ìgbà márùn-ún nínú rẹ̀ sì ni fáìlì náà gba orí Wásáàpù kọjá kó tó padà sọ́wọ́ mi.

Lórí fóònù, kò sí ohun tó hàn. Ojú fóònù kéré, ó ń bo àṣírí. Bánà ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí mẹ́rin ni kò bo nǹkan kan.

Nígbà tí mo dé Kàbà lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo to gbogbo fáìlì mọ́kọ̀ọ̀kànlá sínú fódà kan, mo sì bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ní ImageMagick lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè ṣe é báyìí:

```
identify -format "%f %w x %h %Q\n" *.jpg
```

Ó máa kọ orúkọ fáìlì, ìbú rẹ̀, gíga rẹ̀, àti iye tó fojú bù pé wọ́n fi sí `Quality`, ìwọ̀n ìdára rẹ̀, nígbà tí wọ́n sééfù rẹ̀ kẹ́yìn. Ohun tí mo rí nìyí: fáìlì kìíní 3000 sí 4000. Fáìlì kejì, èyí tí mo ṣe nínú mọ́tò, 1200 sí 1600. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó gba Wásáàpù kọjá ló ti pàdánù píksẹ́lì márùn-ún nínú mẹ́fà. Nígbà tí mo gé ẹ̀gbẹ́ kúrò, ó bọ́ sí 960 sí 1280, ibẹ̀ ló sì dúró sí. Bánà náà jẹ́ íǹṣì 36 ní ìbú. Ẹ pín 960 sí 36: kò pé píksẹ́lì 27 fún íǹṣì kan. Ká ní fọ́tò àkọ́kọ́ ni mo lò, ìbá jẹ́ bíi 83, iye yẹn sì tó dáadáa fún bánà tí èèyàn ń wò láti òkèèrè.

Ìdajì ẹjọ́ ti yanjú níbẹ̀. Àmọ́ fọ́tò tó kéré máa ń rí bàìbàì ni, kì í di onígun mẹ́rin wẹ́wẹ́, pupa rẹ̀ kì í sì í ṣàn. Àrùn kejì wà lára rẹ̀, òun ló gbà mí ní àkókò jù láti lóye.

Ohun tí JPEG ń ṣe kò ju èyí lọ. Ó ń pín fọ́tò sí àpótí kéékèèké, píksẹ́lì mẹ́jọ sí mẹ́jọ. Nínú àpótí kọ̀ọ̀kan, kì í tọ́jú píksẹ́lì fúnra wọn. Ó ń yí wọn padà sí òǹkà tó ń sọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń lọ sókè sódò nínú àpótí náà, díẹ̀ nínú òǹkà náà fún ohun gbọ̀ọ̀rọ̀, ìyókù fún ohun wẹ́wẹ́ bí irun ojú àti òwú aṣọ. Lẹ́yìn náà ó ń yí òǹkà kọ̀ọ̀kan sí ìwọ̀n tó súnmọ́ ọn jù, ó sì ń da ìyókù nù. Ohun wẹ́wẹ́ ló ń jìyà ìyípo yìí jù.

Bí mo ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ni pé kó rò ó bí gàrí. Ó wọn gàrí sínú kọ́ńgò, èyí tí kò kún kọ́ńgò, ó gbọ̀n ọ́n dànù. Bó bá tún fi kọ́ńgò yẹn gan-an wọn gàrí tó kù, kò ní sí ìyókù mọ́, iye kọ́ńgò tó wà tẹ́lẹ̀ náà ló máa rí. Ṣùgbọ́n bó bá mú kọ́ńgò ẹlòmíràn tó tóbi díẹ̀ jù tirẹ̀, ìyókù mìíràn máa wà, ó máa dà á nù. Bó bá tún mú ẹ̀kẹta, bẹ́ẹ̀ náà. Kọ́ńgò yẹn ni iye tí a fi sí `Quality`: bí iye náà bá ṣe ga tó ni kọ́ńgò ṣe ń kéré tó. Bó bá sì da gàrí inú àpò gbogbo pọ̀, tó pín wọn sínú àpò mìíràn kó tó wọ̀n, ìyókù máa wà nínú gbogbo àpò, kódà bí kọ́ńgò kò bá yí padà. Ìdàpọ̀ yẹn ni gígé ẹ̀gbẹ́ fọ́tò, nítorí bí mo bá gé píksẹ́lì mẹ́ta kúrò lọ́wọ́ òsì, gbogbo àpótí mẹ́jọ sí mẹ́jọ ló ti kúrò níbi tó wà.

Mi ò gbà á gbọ́ títí mo fi dán an wò. Mo mú fọ́tò kan, mo sééfù rẹ̀ ní ogún ìgbà tẹ̀léra pẹ̀lú `Quality` 75 láì fọwọ́ kan nǹkan kan nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo mú fọ́tò yẹn kan náà, mo tún ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n mo ń gé píksẹ́lì kan ṣoṣo kúrò lókè àti lọ́wọ́ òsì nígbà kọ̀ọ̀kan:

```
cp mama.jpg a.jpg
for i in $(seq 20); do
  convert a.jpg -chop 1x1 -quality 75 b.jpg
  mv b.jpg a.jpg
done
```

Fáìlì tí mi ò gé nǹkan kan lára rẹ̀, mo ní láti fẹ̀ ẹ́ dáadáa kí n tó rí ìyàtọ̀ láàárín ìgbà kejì àti ogún. Ìgbà àkọ́kọ́ ló jẹ ohun tó jẹ, lẹ́yìn náà ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró. Èyí tí mo ń gé, ojú lásán ti tó: ìdọ̀tí wẹ́wẹ́ bí kòkòrò yí gbogbo lẹ́tà ká, àwọ̀ sì ti kúrò láàyè rẹ̀. Mo yọ `-chop 1x1` kúrò, mo ń yí `Quality` padà láti 75 sí 82 sí 70 sí 90, ìbàjẹ́ wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tó ti àkọ́kọ́.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gba ẹni tó bá ní gbogbo ìgbà tí a bá sééfù JPEG ló ń bàjẹ́ lọ́nà kan náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí mo bá nu àbàwọ́n kékeré kan ní igun fọ́tò, tí mo sì sééfù rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n tó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀, àpótí tí mo fọwọ́ kàn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ òun nìkan ló ń jìyà. Ohun tó ń pa fọ́tò ni kí a gé e, kí a yí títóbi rẹ̀ padà, kí a tọ́ ọ díẹ̀ nítorí pé ó dagun, kí a tan ìmọ́lẹ̀ sí gbogbo rẹ̀, tàbí kí a máa gbé e láti ohun èlò kan bọ́ sí òmíràn tí `Quality` wọn kò bá ara wọn mu. Mo ṣe gbogbo wọn fún Ìyá láàárín ọjọ́ mẹ́rin. Wásáàpù nìkan ṣe méjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà: ó sọ ọ́ di kékeré, ó sì tún un fún pọ̀ pẹ̀lú kọ́ńgò tirẹ̀.

Pupa tó ṣàn ńkọ́? JPEG kì í tọ́jú àwọ̀ bó ṣe ń tọ́jú ìmọ́lẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀lọpọ̀ fáìlì, píksẹ́lì mẹ́rin ló ń pín àwọ̀ kan lò, nítorí ojú wa kì í tètè mọ̀ ọ́n. Níbi tí pupa bá ti kọjú sí funfun lójijì, bí aṣọ ẹ̀yìn Ìyá àti gèlè rẹ̀, ibẹ̀ ló ti máa ń hàn. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá tún ṣí i tí mo gé e, àwọn mẹ́rin tó ń pín àwọ̀ yẹn ń yí padà, díẹ̀ nínú pupa sì ń bọ́ sínú funfun. Nínú GIMP, ètò kọ̀ǹpútà tí mo fi ń tún fọ́tò ṣe, ẹni tó bá fẹ́ dènà rẹ̀ máa ṣí `Advanced Options` nígbà tó bá ń ṣe `Export As`, á sì yan `4:4:4 (best quality)` ní `Subsampling`. Fáìlì máa tóbi díẹ̀ sí i. Fún aṣọ pupa Bùnú, ó yẹ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kí ẹ lè rẹ́rìn-ín. Mo mú fáìlì kọkànlá, mo sééfù rẹ̀ ní `Quality` 100, mo sì tún fi `Scale Image` fẹ̀ ẹ́ padà sí 3000 sí 4000. MB rẹ̀ gòkè. Inú mi dùn fún bí ìṣẹ́jú kan. Nígbà tí mo fẹ̀ ẹ́ lójú kọ̀ǹpútà, àpótí onígun mẹ́rin yẹn náà ni mo rí, wọ́n kàn tóbi sí i ni. Gàrí tí a ti dà nù ti lọ; bí kọ́ńgò tuntun ti wù kó kéré tó, kò lè dá a padà.

Ohun tó yọ mí ni pé fọ́tò gan-an ṣì wà lórí fóònù ọmọ ọmọ ìyá náà ní Àbújá. Èmi ti gbé èyí tó wà lọ́wọ́ mi bọlẹ̀: lọ́jọ́ kìíní, nínú GIMP, `Overwrite` ni mo tẹ̀, iṣẹ́ mi sì lọ jókòó sórí fáìlì ìpilẹ̀ṣẹ̀. Mo pe ọmọ ọmọ náà, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi ránṣẹ́ bíi fọ́tò. Ẹ tẹ àmì pínnì yẹn, ẹ yan `Document`, kí ẹ wá fọ́tò náà níbẹ̀." Bí èèyàn bá fi ránṣẹ́ báyẹn, Wásáàpù kì í fọwọ́ kan inú rẹ̀, bó ṣe wà ló ṣe máa dé. Bọ́tìnì `HD` sàn ju ti lásán lọ, àmọ́ ó ṣì ń fún un pọ̀. Fọ́tò náà dé ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́: 3000 sí 4000.

Wàyí o, ọ̀nà tí mo gbà ṣe é lẹ́ẹ̀kejì ni mo ṣì ń lò títí di òní.

Mo kọ́kọ́ ti ìlẹ̀kùn mọ́ fáìlì ìpilẹ̀ṣẹ̀. Lórí Lainọ́ọ̀sì tèmi, `chmod 444 mama.jpg` ni. Lórí Wíńdóòsì, ẹ fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ fáìlì náà, ẹ lọ sí `Properties`, ẹ mú `Read-only`. Láti ìgbà yẹn, bí ọwọ́ mi bá tilẹ̀ ṣèèṣì lọ sórí `Overwrite`, GIMP kò ní gbà.

Lẹ́yìn náà mo ṣí i nínú GIMP, mo sì sééfù rẹ̀ lójú ẹsẹ̀ bíi `mama.xcf`. Fáìlì XCF, irú èyí tó jẹ́ ti GIMP fúnra rẹ̀, kì í da nǹkan kan nù. Ẹ lè ṣí i lónìí, ẹ tì í, ẹ ṣí i lọ́la, ọgọ́rùn-ún ìgbà, píksẹ́lì kan kò ní yẹ̀. Ó tún ń tọ́jú léyà, àwọn ìpele tí a tò lérí ara wọn, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ibẹ̀ gan-an ni ìrọ̀rùn wà fún ẹni tí oníbàárà rẹ̀ máa ń yí ọkàn padà. Mo fi fọ́tò sílẹ̀ nísàlẹ̀ láì fọwọ́ kàn án. Àga ike tí mo yọ, orí léyà kan ni mo ti yọ ọ́. Ìmọ́lẹ̀ ojú wà lórí léyà mìíràn, débi pé nígbà tí àbúrò Àbújá ní ó ti mọ́ jù, mo kàn fa `Opacity` rẹ̀ wálẹ̀ láti 100 sí 60, ojú ìyá fúnra rẹ̀ kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀. Orúkọ àti ọdún jẹ́ léyà ọ̀rọ̀, tí a lè tún tẹ̀ nígbàkúùgbà.

JPEG wá di ohun tí mò ń gbé jáde nìkan, mi ò tún ń ṣí i padà. Ohun kan wà níbí tó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n: bí ẹ bá ṣe `Export As` nígbà mẹ́wàá láì pa fọ́tò náà dé, kì í ṣe ìbàjẹ́ mẹ́wàá lórí ara wọn nìyẹn. Fọ́tò tó wà níwájú yín lójú kọ̀ǹpútà kò tíì di JPEG, ó ṣì pé. Èyí tó jáde sínú fódà ló gba ìfúnpọ̀, lẹ́ẹ̀kan péré. Ìgbà tí ẹ bá pa á dé tí ẹ wá ṣí èyí tó wà nínú fódà padà láti ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, ìgbà náà ni ìran kejì bẹ̀rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wíwò kì í ba JPEG jẹ́, dída orúkọ rẹ̀ kọ ní tuntun kì í bà á jẹ́, kíkọ ọ́ sínú fúláàṣì kì í bà á jẹ́.

Ibì kan ṣì wà tí XCF kò lè gbà yín. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, fún iṣẹ́ mìíràn, mo fẹ́ fi àpẹẹrẹ kékeré ránṣẹ́ sí oníbàárà. Mo ṣe `Scale Image` sí 800, mo gbé e jáde, iná sì lọ. Láptọ́ọ̀pù mi kò ní bátìrì tó dáa, ìjayà mú mi, mo tẹ `Ctrl+S`. XCF náà di 800. Kò sí ìfúnpọ̀ kankan nínú rẹ̀, ó mọ́ kedere, ó kàn kéré bí ọmọ ìkókó. Gbogbo iṣẹ́ ọjọ́ méjì ni mo tún ṣe. Látìgbà náà, bí mo bá fẹ́ ṣe àpẹẹrẹ, `Ctrl+D` ni mo ń kọ́kọ́ tẹ̀. Ó ń ṣí ẹ̀dà tuntun tí kò ní orúkọ, orí ẹ̀dà yẹn ni mo ti ń sọ ọ́ di kékeré, mo gbé e jáde, mo sì pa á dé láì sééfù. Orúkọ àpẹẹrẹ gbọ́dọ̀ ní `-wo` lẹ́yìn, bíi `mama-wo3.jpg`, kí ọmọ iṣẹ́ mi má baà gbé e lọ fún àwọn ará Lọ́kọ́jà.

Bó bá jẹ́ pé gígé nìkan ni ẹ fẹ́ gé JPEG, tí ẹ kò fẹ́ kọ nǹkan sí i, ẹ kò tilẹ̀ nílò GIMP. `jpegtran`, ètò kékeré kan tí a ń fi àṣẹ pè, lè gé e láì tú àpótí kankan palẹ̀:

```
jpegtran -copy all -crop 2400x3200+304+160 -outfile ge.jpg mama.jpg
```

304 àti 160 kì í ṣe iye tí mo ṣàdédé mú. Àwọn méjèèjì ṣe é pín sí 16 láìṣẹ́kù, nítorí nínú fáìlì tí píksẹ́lì mẹ́rin ti ń pín àwọ̀ lò, àpótí ńlá 16 sí 16 ni wọ́n ń kó pọ̀. Bí ẹ bá fún un ní iye tí kò bá a mu, ó máa sún ìbẹ̀rẹ̀ náà sẹ́yìn fúnra rẹ̀ débi tó bá a mu, nítorí náà ẹ má bínú bí ẹ̀gbẹ́ kan bá ṣẹ́kù díẹ̀ ju bí ẹ ṣe fẹ́.

Ní ti fóònù, mi ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má lò ó. Bí ó bá jẹ́ Snapseed lẹ́ ń lò, ẹ kọ́kọ́ wo `Settings` rẹ̀ kí títóbi fọ́tò má baà dín kù nígbà tó bá ń jáde, kí ẹ sì parí gbogbo àtúnṣe ní ìjókòó kan kí ẹ tó gbé e jáde. Ohun tí mi ò tún gbà mọ́ ni sikirinṣọ́ọ̀tù. Oníbàárà kan ya sikirinṣọ́ọ̀tù fọ́tò bàbá rẹ̀ láti orí Fesibúùkù, ó ní kí n fi ṣe bánà. Ìbú ojú fóònù rẹ̀ ni 720. Mo fi han an lórí kọ̀ǹpútà, a sì jọ wá fọ́tò gidi náà lọ sọ́dọ̀ ìbátan wọn kan ní Ìsánlú.

A tún bánà Ìyá tẹ̀ lọ́jọ́ Tọ́sìdeè, owó mi ni. Ẹ̀gbọ́n wá gbé e ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n tú u sórí ilẹ̀ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n sì fi ìka tọ etí gèlè náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọn ò sọ ohun kan nípa ojú ìyá. "Pupa yẹn dúró," ni wọ́n wí, wọ́n sì ká a.

Lóṣù méjì lẹ́yìn ìsìnkú, wọ́n padà wá. Àwọn àgbà ilé ti jókòó, wọ́n ní 1936 ni wọ́n bí ìyá, kì í ṣe 1938, wọ́n sì fẹ́ èyí tí wọ́n máa fi kọ́ pálọ̀. Mo ṣí `mama.xcf`, mo tẹ òǹkà kan nù, mo tẹ òmíràn sí i, mo gbé e jáde. Omi tí mo gbé fún wọn kò tíì tán nínú kọ́ọ̀pù nígbà tó parí.